Ọmọ ọdún mẹ́wàá fi ọjọ́ orí èké ṣí àkáǹtì: kí ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òbí kí wọ́n tó pa á rẹ́?

Màmá Ayọ̀, Ìbàdàn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti ní àkáǹtì Instagram láti ìgbà ọlidé tó kọjá, èmi kò sì mọ̀. Ìyàwó àbúrò mi ló ṣèèṣì rí i tó pè mí. Nígbà tí mo fọ̀rọ̀ wá ọmọ náà lẹ́nu wò, ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá òun ṣí i lórí fóònù tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè ọdún tí wọ́n bí i, ìyẹn ní kó máa yí i sẹ́yìn títí tí yóò fi gbà. 2001 ni wọ́n bá dé. Lójú wọn níbẹ̀, ọmọ mi ti di àgbàlagbà tó lé lógún ọdún.

Fọ́tò mọ́kànlélógún ló wà lórí rẹ̀, aṣọ iléèwé ló wọ̀ nínú méjì. Kò rántí páásíwọ́ọ̀dù. Mo ti tẹ Report lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì yan "It's spam" nítorí mi ò mọ èyí tí ǹ bá yàn. Kò sí ohun tó yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi gan-an? Ṣé ìwé ẹ̀rí ìbí ni? Oorun kò kùn mí mọ́.

Bàbá Ìbejì

Màmá Ayọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kọ orúkọ àkáǹtì náà síbí, kí gbogbo wa jọ tẹ Report lálẹ́ yìí. Bí ogún ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọn yóò yọ ọ́ kíá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún ẹnì kan ládùúgbò wa tó ń fi àwòrán ẹlòmíràn gbowó. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣì lọ búra ní kóòtù kí ẹ gba ìwé, nítorí àwọn òyìnbó kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, kí Màmá Ayọ̀ má kọ orúkọ àkáǹtì náà síbí o. Ta ni kì í ka ojú ewé yìí? Ẹni tó bá rí fọ́tò ọmọ pẹ̀lú aṣọ iléèwé ti mọ ibi tí yóò ti bá a láago méjì ọ̀sán nìyẹn.

Ní ti ogún ènìyàn, àwọn tó ni Instagram fúnra wọn ti sọ ọ́ pé iye ìgbà tí a bá fẹjọ́ nǹkan sùn kọ́ ló ń mú kí àwọn yọ ọ́. Irú ẹjọ́ tí ẹ rò fún wọn ló ṣe pàtàkì. Màmá Ayọ̀, "It's spam" tí ẹ yàn túmọ̀ sí pé àkáǹtì náà ń fi ìpolówó àti ọ̀rọ̀ játijàti da àwọn ènìyàn láàmú. Ẹni tó bá wò ó yóò rí ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín, kò ní rí ìpolówó kankan níbẹ̀, yóò sì pa ìwé ẹjọ́ yín dé.

Fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ wà fún ọmọ tí kò tíì pé 13. Nínú Help Center wọn, ẹ wá èyí tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ `Report an Underage User on Instagram`. Ẹ ó kọ orúkọ àkáǹtì náà, ọjọ́ tí ẹ bí ọmọ yín gan-an, àti ohun tí ẹ jẹ́ sí i. Kò sí ọ̀rọ̀ kóòtù níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé bí ọmọ bá fi ọjọ́ ìbí èké ṣí àkáǹtì, tí ó sì ṣeé rí dájú lọ́nà tó bọ́gbọ́n mu pé kò tíì pé 13, àwọn yóò pa á rẹ́. Bí kò bá ṣeé rí dájú, àwọn lè má lè ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ "ṣeé rí dájú" yẹn ni kí ẹ gbájú mọ́. Ẹni tí fọ́ọ̀mù yín yóò dé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ yín rí. Nǹkan méjì péré ló wà níwájú rẹ̀: ohun tí ẹ kọ, àti ohun tó wà lórí àkáǹtì náà. Nítorí náà, ẹ sọ ibi tí yóò wò fún un. Ẹ kọ ọ́ pé fọ́tò kẹta àti ìkẹjọ ń fi í hàn nínú aṣọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí fọ́tò ọjọ́ ìbí bá wà tí nọ́ńbà jókòó lórí kéèkì, ẹ sọ ọ́. Mo ti rí òbí tó kọ ojú ewé kan gbáko nípa bí ọkàn òun ṣe gbọgbẹ́ tó, tí kò sì rántí kọ ọdún tí wọ́n bí ọmọ.

Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má kánjú ní kí ọmọ yọ àwọn fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí fọ́ọ̀mù tó lọ. Bí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀ tán, àkáǹtì òfìfo ti ẹni tí wọ́n bí ní 2001 ló kù. Kí ni ẹni náà yóò fi mọ̀ pé ọmọdé ni?

Ìyá Àdùkẹ́

Kọ́lá, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Èmi kò lè fi fọ́tò ọmọ mi sílẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí kan sí i nítorí pé mò ń dúró de ẹnì kan tí mi ò mọ̀. Kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ̀rí yòówù kó bàjẹ́, kó bàjẹ́.

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà

Ìyá Àdùkẹ́, ó yé mi. Ó kéré tán, kí wọ́n fi fọ́tò kan tó ń fi ọjọ́ orí hàn sílẹ̀, èyí tí kò fi orúkọ iléèwé hàn. Bí ẹ bá kọ̀ pátápátá, kì í ṣe èmi ni n óò sọ bí ẹ ó ṣe tọ́ ọmọ yín.

Màmá Ayọ̀, ẹ tún gbọ́ èyí: wọn kì í kọ̀wé padà láti sọ pé àwọn ti pa á rẹ́. Wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé òbí kò ní rí ìfìdímúlẹ̀ gbà, pé yóò kàn rí i pé òun kò rí àkáǹtì náà mọ́ ni. Nítorí náà, ẹ má ka ìdákẹ́jẹ́ wọn sí pé wọn ò gbọ́.

Sùnkànmí77

Ẹ dákun, èmi náà ní irú ìṣòro yìí. Wọ́n ti àkáǹtì mi pa láti 2019, gbogbo oníbàárà mi ló wà níbẹ̀. Ta ló lè bá mi ṣí i padà?

Alábòójútó

Sùnkànmí, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀, pípa rẹ́ ni wọ́n ń sọ níbí. Ẹ ṣí ìbéèrè tuntun. Ẹnì kan sì kọ nọ́ńbà fóònù síbí pé òun yóò gba ₦15,000, òun yóò sì pa àkáǹtì èyíkéyìí rẹ́ láàárín wákàtí kan. Mo ti yọ ọ́. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín.

Lọ́yà Títílayọ̀

Màmá Ayọ̀, kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́, ǹjẹ́ ẹ ti rí àwọn tó ń kọ̀wé sí ọmọ náà níkọ̀kọ̀? Tí wọ́n bá pa àkáǹtì náà rẹ́, ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn yóò parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá ti ń béèrè fọ́tò tàbí pé kó wá pàdé òun, ẹ ya ojú fóònù náà kí orúkọ àkáǹtì ẹni náà, ọjọ́ àti àkókò hàn, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ̀ka wọn kan wà fún ìwà ọ̀daràn orí ayélujára. Ẹ kó ẹ̀rí jọ kí ẹ tó pa á rẹ́. Mo ti rí ẹjọ́ tí òbí fi ìbẹ̀rù pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lóru ọjọ́ kan náà, tí kò sì sí nǹkan kan láti fi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Bí fọ́tò ìhòòhò ọmọ bá ti jáde síta, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àkáǹtì nìkan. Ojú ewé `takeitdown.ncmec.org` wà fún un, wọn kì í ní kí ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí wọn. Mo gbàdúrà pé kò ní kàn yín.

Màmá Ayọ̀, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Báwo ni n óò ṣe rí inú rẹ̀ láìní páásíwọ́ọ̀dù?

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà

Fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Bí kò bá tíì jáde nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ṣì ṣí sílẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ àkáǹtì tó wà lókè, gbogbo àkáǹtì tó wà lórí fóònù náà yóò to jáde. Bí ẹ bá rí tiẹ̀ níbẹ̀, ẹ wọlé, ẹ lọ sí Accounts Center, lẹ́yìn náà Personal details. Wọn yóò fi ímeèlì tàbí nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣí i hàn yín. Tí ẹ bá ní ímeèlì yẹn lọ́wọ́, ẹ lè gba páásíwọ́ọ̀dù tuntun, kí ẹ sì fúnra yín pa á rẹ́, ìyẹn sì yá ju fọ́ọ̀mù lọ. Nínú Personal details yẹn náà ni Account ownership and control wà, lẹ́yìn rẹ̀ Deactivation or deletion. Deletion ni kí ẹ yàn, nítorí Deactivation kàn ń fi í pamọ́ ni, ọmọ lè jí i padà nígbà tó bá wù ú.

Ìkìlọ̀ kan péré: bí ẹ bá pa á rẹ́ lọ́nà yìí, ó ku 30 ọjọ́ kó tó lọ pátápátá. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé sínú rẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, tó sì ní òun kò pa á rẹ́ mọ́, iṣẹ́ yín ti ṣòfò. Oníbàárà mi kan ṣe é, ó sì pa á rẹ́ dáadáa, àfi ní ọjọ́ kejìlá tí ọmọ náà rí tábúlẹ́ẹ̀tì àǹtí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò nílò páásíwọ́ọ̀dù. Ó fọwọ́ kan án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àkáǹtì sì padà wá pẹ̀lú gbogbo fọ́tò rẹ̀. Ẹ lọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí gbogbo fóònù tó wà nínú ẹbí.

Tíṣà Àjọkẹ́

Kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́. Mo mọ ó kéré tán ọmọ méje tó ní irú àkáǹtì yìí. Ṣé èmi náà lè fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́ fún wọn? Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbọ́ létí àwọn ọmọ fúnra wọn: púpọ̀ nínú wọn ní méjì. Ọ̀kan ni èyí tí ìyá lè rí, ìkejì sì jẹ́ ti àwọn ọ̀rẹ́.

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà

Ẹ lè fi ránṣẹ́, Tíṣà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà wá nímọ̀ràn níbẹ̀ pé bí ẹni tó ń fẹjọ́ sùn kì í bá ṣe òbí ọmọ náà, kó rọ òbí láti kọ ọ́. Ẹ pe àwọn òbí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ mọ ọjọ́ ìbí wọn dájú, ọ̀rọ̀ tí ẹ kà nínú rẹ́jísítà ni ẹ mọ̀.

Bàbá Démiládé

Èmi ti kọ fọ́ọ̀mù yìí fún ọmọkùnrin mi, mo ní kí wọ́n pa tirẹ̀ rẹ́, wọn kò ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Òun náà purọ́ ọjọ́ orí, ó kọ 1999. Èmi ni bàbá rẹ̀, èmi ni mo ra fóònù. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ mi kò fi tó?

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà

Nítorí pé ó ti kọjá 13, bàbá. Láti 13 lọ, wọ́n ní ọmọ náà ló ni àkáǹtì rẹ̀, àwọn kò lè fún òbí láǹfààní láti wọlé síbẹ̀ tàbí kí àwọn pa á rẹ́ nítorí pé òbí ní kí àwọn ṣe é. Ohun tí ẹ lè jà fún ni kó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an. Nígbà tó jẹ́ 1999 ló kọ, àgbàlagbà ni wọ́n kà á sí, àwọn ìdènà tí wọ́n ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ jọ ṣí Personal details, kí ẹ tún Birthday ṣe.

Bàbá Démiládé

Kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Mo ti gba fóònù, ó ń lo ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú àárọ̀. Níbí, ní oṣù kẹrin 2023, àjọ tó ń mójú tó ìsọfúnni ara ẹni, ICO, bu owó ìtanràn £12.7 mílíọ̀nù lé TikTok lórí, nítorí wọ́n ní ó tó 1.4 mílíọ̀nù ọmọ tí kò pé 13 ní Bìrìtéènì tó ń lò ó ní 2020, láìsí ìyọ̀ǹda òbí. Ṣé Nàìjíríà kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló dé tí Màmá Ayọ̀ fi ń tọrọ bí alágbe?

Lọ́yà Títílayọ̀

A ní i. Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti 2023 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lo ìsọfúnni ọmọdé gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́, kó sì wá ọ̀nà tó yẹ láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àjọ kan wà tí a lè fẹjọ́ sùn, Nigeria Data Protection Commission, NDPC. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa: bí ohun tí Màmá Ayọ̀ ń fẹ́ bá jẹ́ kí fọ́tò ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, fọ́ọ̀mù ni kó kọ́kọ́ kọ. NDPC wà fún ìgbà tí fọ́ọ̀mù bá kọ̀. Kó tọ́jú ẹ̀dà ohun tó kọ àti ọjọ́ tó fi ránṣẹ́.

Ìyá Àgbà Òṣogbo

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi ló ń tẹ èyí fún mi, kì í ṣe èyí tí mò ń sọ o, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, ìyá rẹ̀ wà ní Èkó. WhatsApp ni tirẹ̀. Símù tó fi ṣe é, ó ní òun fún ọ̀rẹ́ kan ní iléèwé, ìyẹn sì ti sọ ọ́ nù. Àwọn ènìyàn ṣì ń rí orúkọ àti fọ́tò rẹ̀. A fẹ́ kó kúrò.

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà

Ẹ káàárọ̀ mà. Ti WhatsApp ni ìwé pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìbá jẹ́ pé símù wà lọ́wọ́, kò sí wàhálà rárá: ẹ ó fi símù náà ṣí WhatsApp lórí fóònù yín, ẹ ó lọ sí Settings, Account, Delete my account, ó parí. Ta lẹ fi orúkọ rẹ̀ gba símù náà, mà?

Ìyá Àgbà Òṣogbo

Ìyá rẹ̀ ni. NIN rẹ̀ ni wọ́n lò.

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà

A jẹ́ pé kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ni láìnì náà, kó mú káàdì ìdánimọ̀ àti NIN rẹ̀ dání, kí wọ́n bá a gbé nọ́ńbà náà sórí símù tuntun. Ọ̀nà yẹn ló kúrú jù. Tó bá dé, kó pa á rẹ́ bí mo ṣe sọ.

Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ímeèlì ni ẹ ó kọ sí WhatsApp. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè. Àkọ́kọ́, ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni nọ́ńbà náà: àpẹẹrẹ tí wọ́n fún wa ni káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba fún yín pẹ̀lú ìwé owó fóònù tí orúkọ kan náà wà lórí rẹ̀. Èkejì, ẹ̀rí pé ẹ̀yin ni òbí ọmọ náà, bí ìwé ẹ̀rí ìbí tàbí ti ìgbàtọ́. Ẹ̀kẹta, ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀, èyí tí ìwé ẹ̀rí ìbí kan náà lè dúró fún. Tí wọ́n bá rí i dájú, wọn yóò ti àkáǹtì náà pa. Àwọn náà kì í kọ̀wé padà láti sọ pé àwọn ti ṣe é.

Mà, ibi tó ti kan yín nìyí. Ẹ̀yin lẹ ń tọ́ ọ, ṣùgbọ́n orúkọ ìyá àti bàbá ló wà lórí ìwé ẹ̀rí ìbí. Kí ìyá rẹ̀ ní Èkó fi ránṣẹ́, nítorí òun ni orúkọ rẹ̀ wà lórí símù àti lórí ìwé.

Bàbá Ìbejì

Ìwé owó fóònù kẹ̀? Ta ló ń fún wa ní ìwé owó fóònù ní Nàìjíríà? Káàdì la ń rà tá a ń kì bọ̀ ọ́.

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà

Òótọ́ lẹ sọ, ibẹ̀ ló ti ń há. Kò sí èyí tí mo lè sọ pé wọ́n máa gbà dandan. Ìyá kan tó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní kí àwọn oníláìnì kọ ọ́ fún òun pé orúkọ òun ni nọ́ńbà náà wà, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Òun ló fi ránṣẹ́ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kọkànlá, a kò rí fọ́tò ọmọ náà mọ́. Bóyá ìwé yẹn ló ṣe é, bóyá òmíràn ni, èmi kò lè búra.

Ohun kan ni mo mọ̀ dájú nípa àwọn ìwé wọ̀nyí. WhatsApp fúnra wọn ní kí ẹ bo ohun tí kò kan ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà NIN yín kò kàn wọ́n, orúkọ àti fọ́tò ló kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má fi pẹ́ńsù inú fóònù kùn ún. Àwọn pẹ́ńsù kan kì í dí nǹkan tán, ẹni tó bá mú fọ́tò náà tàn sí i yóò ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gbé e lé orí nọ́ńbà náà lórí tábìlì, kí ẹ tó ya fọ́tò. Kò sí ẹni tó lè ṣí bébà yẹn.

Ìyá Àdùkẹ́

Mo ní ìbéèrè kan tí ojú ń tì mí láti béèrè. Nígbà tí a fẹ́ fi ọmọ wa sí iléèwé, a fi ọdún méjì kún ọjọ́ orí rẹ̀ kí wọ́n lè gbà á. Ìwé tí a gbà nígbà yẹn náà ló ń jẹ́ ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ títí dòní. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ṣùgbọ́n lórí ìwé ó ti pé mẹ́rìnlá. Tí mo bá fi í ránṣẹ́, ṣé èmi kọ́ ni mo ń sọ fún wọn pé àkáǹtì rẹ̀ tọ́?

Lọ́yà Títílayọ̀

Ìyá Àdùkẹ́, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí ìwé bá sọ ni wọn yóò gbà, ìwé yẹn yóò sì ta ko ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Fún àtúnṣe ìwé, ọ̀dọ̀ National Population Commission ni ẹ ó lọ, kì í ṣe WhatsApp, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì. Ẹ má lọ ṣe ayédèrú ìwé kejì nítorí àkáǹtì o. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ pa á rẹ́ níṣojú yín, ọ̀nà yẹn kò béèrè ìwé kankan.

Ìyá Àdùkẹ́

Bó bá gbà nìyẹn. Ẹ ṣeun, mà.

Màmá Ayọ̀, Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn. Mo gba fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àkáǹtì náà ṣì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Mo rí ímeèlì tí wọ́n fi ṣí i, àmọ́ láìnì tó so mọ́ ọn ti sọnù, a kò lè wọ inú rẹ̀. Mo wo àwọn ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ti kọ̀wé sí i nígbà mẹ́rin, ó ní òun ń wá àwọn ọmọ tó rẹwà fún ìpolówó aṣọ, kó fi fọ́tò sí i ránṣẹ́, kó má sì sọ fún màmá rẹ̀. Ọmọ mi kò dá a lóhùn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mò ń yà á. Lọ́yà, mo ti kó o lọ bí ẹ ṣe sọ.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ fọ́ọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, àkáǹtì náà wà níbẹ̀.

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà

Màmá Ayọ̀, ṣé ẹ tẹ orúkọ àkáǹtì náà fúnra yín, àbí ẹ dà á kọ? Má kọ ọ́ síbí o, kàn sọ fún mi bóyá ìlà ìsàlẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Màmá Ayọ̀, Ìbàdàn

Mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Ìlà kan wà láàárín orúkọ méjèèjì.

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà

Ẹ padà lọ wò ó dáadáa. Kì í ṣe orúkọ gàdàgbà tó wà lábẹ́ fọ́tò, ti òkè pátápátá ni. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà nínú méjì yìí:

```
oruko_omo
oruko__omo
```

Ti ìsàlẹ̀ ní ìlà méjì tó so pọ̀. Lójú fóònù, ó dà bíi pé ọ̀kan tó gùn ni. Bí ẹ bá tẹ ẹyọ kan, ẹlòmíràn lẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ lọ sórí àkáǹtì náà láti fóònù tiyín, ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ yan Copy profile URL, kí ẹ sì mú orúkọ náà láti inú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí ọmọ má sì yí orúkọ àkáǹtì padà títí iṣẹ́ yóò fi parí, nítorí orúkọ tí ẹ fi ránṣẹ́ kò ní bá tirẹ̀ mu mọ́.

Màmá Ayọ̀, Ìbàdàn

Olúwa o! Méjì ni. Ọmọ ẹlòmíràn ni mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n pa ti ẹni ẹlẹ́ni rẹ́.

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà

Bí ẹni náà bá jẹ́ àgbàlagbà tí fọ́tò rẹ̀ sì fi í hàn bẹ́ẹ̀, wọn kò ní rí ohun tó bá ọ̀rọ̀ yín mu. Ẹ tún tiyín fi ránṣẹ́.

Màmá Ayọ̀, Ìbàdàn

Ẹ bá mi yọ̀. Mo tún un fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, mo sọ fọ́tò kẹta àti ìkẹjọ, mo kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé. Lónìí, ọjọ́ Àìkú, mo wá orúkọ náà, ohun tí mo rí ni "Sorry, this page isn't available."

Tíṣà Àjọkẹ́

Màmá Ayọ̀, ẹ má tíì jó o. Bí ọmọ bá dí yín lọ́nà, tó tẹ Block fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an lẹ lè rí. Ọmọ kíláàsì mi kan ṣe é fún bàbá rẹ̀, bàbá náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún oṣù méjì.

Màmá Ayọ̀, Ìbàdàn

Mo lọ wò ó lórí fóònù ìyàwó àbúrò mi, mo tún wò ó lórí ti aládùúgbò tí kò mọ ọmọ mi rí. Ibi gbogbo, ọ̀rọ̀ kan náà. Lórí fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kò wọlé mọ́. Ó ti lọ.

Mo wá rántí ohun tí Tíṣà sọ nípa àkáǹtì kejì. Mo pe ọmọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò pariwo, mo kàn bi í. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Màmá, èyí tí èmi àti Tólú jọ ní ńkọ́?" Tólú ló mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Mò ń lọ sílé wọn ní ìrọ̀lẹ́ yìí láti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kọ́lá, bí ó bá jẹ́ pé ọmọ méjì ló ni ín, òbí wo ni kó kọ fọ́ọ̀mù?

Kọ́lá Oníkọ̀ǹpútà

Ẹ kò nílò fọ́ọ̀mù bí páásíwọ́ọ̀dù bá wà. Kí àwọn ọmọ méjèèjì jókòó, kí ìyá méjèèjì wà níbẹ̀, kí Tólú wọlé, kó yan Deletion. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ ka 30. Ẹ ya ojú fóònù àwọn ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́.